Oògùn ara ríro nínú oyún àti nígbà ìfọ́mọlọ́mú: kí ló yẹ ká béèrè lọ́wọ́ apòògùn?

Olóyún Múṣín

Ẹ kú àṣeyọrí iṣẹ́ òní, ẹ̀yin ará. Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 31. Ẹ̀yìn ń ro mí gan-an, orí sì ń fọ́ mi, mo wá lọ sí ilé ìtajà oògùn kan tí kò jìnnà sí ilé wa. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó gé oògùn lára káàdì méjì, ó kó wọn sínú ọ̀rá kékeré kan, ó ní kí n máa lo méjì nínú funfun àti ẹyọ kan nínú pupa, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí mo bi í bóyá kò ní pa ọmọ inú mi lára, ó fi nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí hàn mí, ó ní kí ọkàn mi balẹ̀, pé ojúlówó ni. Mo ti ń lò ó láti ijẹta.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí èèyàn ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ bóyá oògùn kan bá olóyún mu, àti irú ìbéèrè tó yẹ kí n bi apòògùn kí n má bàa gba ìdáhùn gbọọrọ tí kò ní ìtumọ̀. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n bá sọ fún mi báyìí ṣì máa dúró nígbà tí mo bá bímọ tán tí mo sì ń fún un lọ́mú.

Olùkọ́ Ṣómólú

Ẹ kú ewu oyún, màámi. Kò le rárá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi lẹ́tà sára gbogbo oògùn: A ni èyí tó dára jù, B náà dára, C gba ìfura, D ní ewu, X kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án nínú oyún. Ẹ sáà ti wá orúkọ oògùn yẹn lórí fóònù yín, ẹ wo lẹ́tà rẹ̀. Èyí tí mo fi ń ṣọ́ ìyàwó mi nìyẹn nígbà tó lóyún. Bí ó bá jẹ́ A tàbí B, ẹ lò ó. Ní ti ọmú, òfin tèmi ni pé oògùn tí kò dára fún olóyún kò lè dára fún abiyamọ.

Apòògùn Súrúlérè

Ẹ kú ìrọ́jú o, Olóyún Múṣín. Apòògùn ni mí, iṣẹ́ yìí ni mo sì ń ṣe lójoojúmọ́ ní Súrúlérè. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa oògùn, mo ní ìbéèrè méjì tó yẹ kí ẹni tó ta oògùn fún yín ti bi yín.

Èkíní, ìgbà wo ni wọ́n wọn ìfúnpá yín kẹ́yìn, kí sì ni iye rẹ̀? Orí fífọ́ nínú oyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20 kì í ṣe ohun tí a fi oògùn bò mọ́lẹ̀ kí a tó mọ iye ìfúnpá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́ nìkan. Bí ojú yín bá ń ṣe bàìbàì, tí ibi tó wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ń dùn yín, tàbí tí ojú àti ọwọ́ yín ṣàdédé wú, ẹ má dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni níbí, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lónìí. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, ẹ ṣì lọ wọn ìfúnpá náà lónìí.

Èkejì, kí ni orúkọ ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn? Kò sí ẹni tó lè sọ bóyá oògùn kan dára fún yín nípa àwọ̀ rẹ̀. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi káàdì tí wọ́n ti gé e hàn yín, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ gàgàrà tó wà níwájú ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Lẹ́tà kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí nọ́ńbà àti mílígíráàmù tẹ̀lé, ni orúkọ oògùn gan-an. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbí, bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ orúkọ méjì tàbí mẹ́ta nínú káàdì kan ṣoṣo.

Ní ti nọ́ńbà NAFDAC, ohun tó ń sọ ni pé ìjọba mọ̀ nípa oògùn náà, ó sì gbà kí wọ́n máa tà á ní Nàìjíríà. Oògùn tí olóyún kò gbọ́dọ̀ lò rárá náà ní nọ́ńbà NAFDAC tirẹ̀, nítorí pé àwọn ọkùnrin àti àwọn tí kò lóyún ń lò ó. Ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn ni ẹni yẹn fún yín.

Olóyún Múṣín

Ẹ ṣeun, sà. Mo rán àbúrò mi padà síbẹ̀, inú wọn kò kọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n wọ́n fi káàdì méjèèjì hàn án. Bí ó ṣe wà nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sí mi nìyí. Ti funfun: `Paracetamol 500 mg`. Ti pupa: `Diclofenac Potassium 50 mg + Paracetamol 500 mg`. Ojú mi kò ṣe bàìbàì, ìhà kò dùn mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi wú díẹ̀, mo sì rò pé bí ti gbogbo olóyún ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n wọn ìfúnpá mi kẹ́yìn. Mo ń lọ lọ́la.

Apòògùn Súrúlérè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì dá ti pupa yẹn dúró láti ìsinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nítorí àwọn tó ń ka èyí, torí pé ọ̀rá tí wọ́n di fún yín kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi ṣírò parasitamọ́ọ̀ inú rẹ̀. Funfun méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta jẹ́ mẹ́fà, ìyẹn mílígíráàmù 3,000. Pupa mẹ́ta tún ní 500 nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,500 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni 4,000 ni òpin fún àgbàlagbà, olóyún tàbí ẹni tí kò lóyún, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó di oògùn náà kò mọ̀ pé òun fún yín ní parasitamọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé orúkọ iwájú káàdì ló ń wò. Bí ẹ bá tún wá ra oògùn ọ̀fìnkìn pọ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí parasitamọ́ọ̀ wà nínú ìyẹn náà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu èèyàn lórí káńtà kì í ṣe "ṣé ó dára fún olóyún?" Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni: "Kí ni orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣé èyíkéyìí nínú wọn kò sì sí nínú oògùn tí mo ti ń lò nílé?"

Dikilofẹ́nàkì ni ọ̀ràn kejì, òun ló sì wúwo jù. Òun, ibúpúrófẹ́ẹ̀nì àti pirọ́síkáàmù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé wọ́n ń dènà ohun kan tí ara ń pèsè, tó ń fa ìrora àti wíwú. Ṣùgbọ́n ohun kan náà yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì mìíràn lára ọmọ inú oyún. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín ọmọ dáadáa, ó sì ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan wà ní ṣíṣí lẹ́bàá ọkàn rẹ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà yẹ ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ nígbà tí ọmọ kò tíì máa mí. Nígbà tí oyún bá ti dàgbà, ìtọ̀ ọmọ ló pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká, nítorí náà bí kíndìnrín rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, omi yẹn máa ń dín kù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí aboyún yẹra fún ẹgbẹ́ oògùn yìí láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ nítorí ọ̀ràn kíndìnrín yìí. Ti iṣan ẹ̀bá ọkàn náà ti wà nínú ìkìlọ̀ ṣáájú ìgbà náà, àti pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 30 ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ń pọ̀, nítorí pé ó lè pa dé kí ọmọ tó wáyé. Ọ̀sẹ̀ 31 lẹ wà, ọ̀ràn méjèèjì ló sì kàn yín.

Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Bí omi bá dín kù nítorí oògùn yìí, ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò nígbà tí wọ́n bá dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti kọjá wákàtí 48 tí ẹ ti ń lò ó, ẹ sọ orúkọ rẹ̀, iye tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ fún dókítà tó ń rí yín, kí wọ́n lè pinnu bóyá wọ́n á fi ẹ̀rọ wo omi inú ilé ọmọ. Parasitamọ́ọ̀ nìkan ni kí ẹ fi sí ẹ̀yìn tó ń ro yín títí ẹ ó fi rí wọn: ẹyọ méjì, kó tó wákàtí mẹ́fà kí ẹ tó tún un lò.

Olùkọ́, ẹ ṣé tí ẹ mú ọ̀rọ̀ lẹ́tà wá, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò ó. Wọ́n ti yọ àwọn lẹ́tà yẹn kúrò láti ọdún 2015, dikilofẹ́nàkì gan-an sì lè fi ìdí rẹ̀ hàn yín. Lẹ́tà méjì ló ní nígbà náà: C kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 30, D láti ọ̀sẹ̀ 30 lọ. Ẹni tó bá rí C lórí fóònù rẹ̀, tí kò sì ka ohun tó tẹ̀ lé e, yóò rò pé òun ti rí ìdáhùn. Ọ̀sẹ̀ oyún ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, lẹ́tà kò sì lè sọ ọ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ oyún yín ṣáájú ìbéèrè yín nígbà gbogbo: "Oyún mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ báyìí, ṣé mo lè lo èyí ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ mélòó sì ni mo lè lò ó mọ?"

Abiyamọ Ẹbúté-Mẹ́ta

Èyí dẹ́rù bà mí díẹ̀, nítorí pé ibúpúrófẹ́ẹ̀nì ni wọ́n fún mi nílé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi láti gbé ọmọ mi jáde. Ọmọ náà ti pé ọ̀sẹ̀ méje báyìí. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n máa fún wàrà náà dànù títí tí oògùn á fi tán, kí n fún ọmọ ní wàrà inú agolo. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọmú mi le bí òkúta, wàrà tó ń jáde sì ti dín kù gan-an. Ṣé ẹ̀gbọ́n ló tọ̀nà, àbí ilé ìwòsàn?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ilé ìwòsàn ló tọ̀nà, ọmọ mi, kò sì yẹ kí ẹ da wàrà yẹn nù rárá. Yàrá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí abiyamọ tí wọ́n fi ìbẹ̀rù gba ọmú lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ìwọ̀nba kékeré tí kò tó nǹkan ni ibúpúrófẹ́ẹ̀nì tó ń wọ inú wàrà, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a máa ń fún ọmọdé gan-an nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ìdí nìyí tí òun àti parasitamọ́ọ̀ fi jẹ́ ohun tí a kọ́kọ́ máa ń fún abiyamọ tí ara ń ro. Iṣan ẹ̀bá ọkàn tí Apòògùn sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó yẹ kó pa dé lẹ́yìn ìbímọ ni. Àwọn dókítà tiẹ̀ máa ń fi ibúpúrófẹ́ẹ̀nì pa á dé fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí iṣan náà bá kọ̀ tí kò pa dé fúnra rẹ̀. Nítorí náà, Olùkọ́, òfin yín pé ohun tí kò dára fún olóyún kò lè dára fún abiyamọ kò dúró níbí yìí.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, òun ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Kódíìnì àti tiramadọ́ọ̀, dókítà lè fún olóyún ní díẹ̀ nílé ìwòsàn bí ìrora bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n láti ọdún 2017 ni àjọ Amẹ́ríkà kan náà ti ní kí abiyamọ má lò wọ́n. Ara máa ń yí kódíìnì padà di mọ́fíìnì, àwọn obìnrin kan sì wà tí ara wọn yára ṣe é ju ti ẹlòmíràn lọ, láì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mọ́fíìnì yẹn á gba inú wàrà dé ara ọmọ. Bí ìyá bá ti lo irú rẹ̀, ohun tí a máa ń wò lára ọmọ ni pé ó ń sùn ju bó ṣe máa ń sùn lọ, kò lè fa ọmú dáadáa, ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí èémí rẹ̀ ń fà lọ́ra. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kí ẹ tún wò ó títí di òwúrọ̀.

Ọjọ́ orí ọmọ ni ó yẹ kí ẹ fi ṣáájú ìbéèrè yín fún apòògùn, bí ọ̀sẹ̀ oyún ṣe ń ṣáájú ti olóyún. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì, pàápàá èyí tí oṣù rẹ̀ kò pé, kò tíì lè fọ oògùn kúrò lára bíi ti ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ti ń jẹ ògì. Ẹ sọ ọjọ́ orí ọmọ, ẹ sọ bóyá oṣù rẹ̀ pé, ẹ sọ bóyá ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó wáyé, lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè nípa oògùn. Abiyamọ Ẹbúté-Mẹ́ta, ẹ gbé ọmọ sọ́mú padà lónìí, kí ẹ máa gbé e sí i léraléra. Wàrà á padà, ó kàn lè gba ọjọ́ díẹ̀ ni.

Ìyá Ọjà, Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ pé mo ka èyí. Oyún mi jẹ́ oṣù márùn-ún, wọ́n sì fún mi ní asipirínì kékeré nílé ìwòsàn, kí n máa lo ẹyọ kan ní gbogbo alẹ́. Nígbà tí mo ti rí i pé wọ́n ní kí olóyún má lo oògùn ara ríro láti ọ̀sẹ̀ 20, mo ti sọ ọ́ dànù. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn dókítà wa.

Apòògùn Súrúlérè

Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ má dá a dúró. Ìkìlọ̀ ọdún 2020 yẹn gan-an yọ asipirínì kékeré sílẹ̀, nítorí pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń fi í ṣe. Asipirínì 75 tàbí 150 mílígíráàmù tí dókítà ní kí ẹ máa lò lójoojúmọ́ kì í ṣe fún ara ríro. Àwọn tí wọ́n bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè mú ni wọ́n máa ń fún, wọ́n sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ 12. Ti ara ríro jẹ́ 300 mílígíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn sì kọ́ ni wọ́n kọ fún yín. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe yín nígbà oyún tẹ́lẹ̀, àbí ìbejì lẹ gbé? Ẹ pe ilé ìwòsàn yín lọ́la, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti sọ ọ́ nù, kí wọ́n tún un kọ fún yín.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n bi mí pé: "Bí n kò bá lo oògùn yìí, kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí èmi tàbí ọmọ?" Àwọn oògùn kan wà tí àìlò wọn léwu ju lílò wọn lọ: ti wárápá, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ikọ́ fée. Dókítà lè pààrọ̀ wọn fún olóyún, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí èèyàn ń dá dúró fúnra rẹ̀ nítorí ohun tó kà lórí fóònù.

Ìyá Ọjà, Ìdúmọ̀tà

Ìbejì ni, sà. Èmi kò mọ̀ pé òun ni wọ́n torí ẹ̀ fún mi.

Olùkọ́ Ṣómólú

Mo ti gbọ́ ti lẹ́tà. Ṣùgbọ́n apòògùn kò sí ní gbogbo àdúgbò, àwọn tó ń ta oògùn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi kì í ṣe apòògùn. Ibo ni kí ẹni tó fẹ́ mọ̀ kà á sí? Ìwé pélébé inú páálí, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: pé kí olóyún lọ bi dókítà.

Apòògùn Súrúlérè

Òótọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe oògùn ló ń kọ ìwé yẹn, wọ́n sì fẹ́ dáàbò bo ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì kà á, nítorí pé bí ó bá mẹ́nu ba iye ọ̀sẹ̀ kan pàtó, òótọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́, kò sì dára kí ẹ gbójú fò ó.

Ti ọmú rọrùn ju ti oyún lọ. Ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ní ibì kan lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní LactMed, kò sì gba owó. Ẹ tẹ èyí sínú fóònù yín:

```
Diclofenac LactMed
```

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Summary of Use during Lactation` sí, kí ẹ kà á tán, kí ẹ sì wo `Alternate Drugs to Consider` nísàlẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ oògùn tó lè rọ́pò rẹ̀. Ohun méjì ló máa ń da àwọn ará ilé wa láàmú níbẹ̀. Orúkọ tó wà níwájú káàdì wa ní Èkó kì í sí níbẹ̀, nítorí náà orúkọ oògùn gan-an ni kí ẹ tẹ̀, bí káàdì bá sì ní orúkọ méjì, ẹ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni pé `Acetaminophen` ni wọ́n ń pe parasitamọ́ọ̀ ní ọ̀dọ̀ wọn. Ti ọmú nìkan sì ni ibẹ̀ wà fún. Ẹ má mú ìdáhùn ibẹ̀ lọ lò fún olóyún, torí pé ẹ ti rí i pé ibúpúrófẹ́ẹ̀nì dára níbẹ̀.

Ní ti ilé ìtajà, ẹ kàn béèrè bí ẹ bá wọlé pé: "Ṣé apòògùn wà nílé?" Ilé oògùn tó bófin mu máa ń gbé ìwé àṣẹ Pharmacy Council of Nigeria kọ́ sára ògiri, ẹ sì lè ní kí wọ́n pe apòògùn náà jáde wá bá yín. Kò sí ojútì níbẹ̀. Àwọn onílé ìtajà kékeré ní iye oògùn tí òfin gbà wọ́n láyè láti tà, wọn kò sì láṣẹ láti gé oògùn oríṣiríṣi sínú ọ̀rá.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀yìn ríro kún un, nítorí pé gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ oògùn débi pé a ti gbàgbé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ríro ní ọ̀sẹ̀ 31 ni kò nílò ju ìsinmi, omi gbígbóná nínú ìgò tí a fi aṣọ wé, àti ìrọ̀rí láàárín orúnkún bí a bá fẹ̀gbẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wá tó ń lọ bíi pé inú ń le, tàbí tí ibi ìtọ̀ bá ń ta yín, kì í ṣe ti oògùn ara ríro mọ́.

Bàbá Olóyún, Ọ̀ṣòdì

Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè èyí. Ìyàwó mi wà ní ọ̀sẹ̀ 33, kò sì fẹ́ gbé oògùn mì. Ìpara dikilofẹ́nàkì ni mo máa ń fi pa á lẹ́yìn lálẹ́, mo sì rò pé nítorí pé kò gba ẹnu wọlé, kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àwọn mìíràn ní kí n fi èyí tó ń ta lára tó sì ń gbóná rọ́pò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí, Ìsàlẹ̀ Èkó

Èmi kò rò pé ìpara díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè ṣe nǹkan kan, bàbá. Ohun tó ń gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀ kéré gan-an.

Apòògùn Súrúlérè

Ó kéré lóòótọ́, èmi kò sì ní sọ pé ẹ ti ṣe ọmọ níbi. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà nínú páálí àwọn ìpara wọ̀nyí ní kí wọ́n má lò ó ní oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn oyún, èmi kì í sì í tà á fún ẹni tó wà ní ọ̀sẹ̀ 33. Èyí tó ń gbóná náà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní `Methyl Salicylate`, ìbátan asipirínì, bí ẹ bá sì ń fi púpọ̀ pa á lójoojúmọ́ lórí ibi tó gbòòrò, a ti ń padà sí ọ̀rọ̀ kan náà. Èmi àti Nọ́ọ̀sì kò fẹnu kò lórí èyí, kò sì burú. Parasitamọ́ọ̀ àti omi gbígbóná tí wọ́n sọ lókè ni mo fara mọ́.

Olóyún Múṣín

Ẹ kú alẹ́ o. Mo lọ wọn ìfúnpá mi ní ìrọ̀lẹ́ àná, 148 lórí 94 ni wọ́n rí. Wọn kò jẹ́ kí n padà sílé. Wọ́n gba ìtọ̀ mi, wọ́n rí èròjà púrótéènì nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé mi lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọba tó wà ní Erékùṣù Èkó, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ti fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ní olóyún lè lò. Mo fi fọ́tò káàdì méjèèjì han dókítà. Ó ní kí n má lo dikilofẹ́nàkì mọ́ rárá nínú oyún yìí, pé ó tilẹ̀ lè mú kí ìfúnpá ga sí i, kó sì da kíndìnrín èmi fúnra mi láàmú. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọmọ, omi rẹ̀ wà níwọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n á tún wò ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Orí fífọ́ náà ti dín kù.

Mo bi wọ́n bóyá mo ṣì lè lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà nígbà tí mo bá ń fún ọmọ lọ́mú. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí àwọn yí i padà lẹ́yìn ìbímọ, pé ìgbà náà ni àwọn á mọ̀.

Apòògùn Súrúlérè

A dúpẹ́ o. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí i, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ oògùn gan-an fún yín sínú ìwé, pẹ̀lú iye mílígíráàmù rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọjọ́ orí ọmọ fún ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín. Ẹ fi fọ́tò káàdì yẹn pa mọ́ sórí fóònù yín títí tí ẹ ó fi bímọ.